Ọ̀rọ̀ Ìyá ọlọ́jà Jọ́ọ̀sì àti ìlà méjì tó ní láti gbà á

Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń ya fídíò ní Garki, l'Àbújá níbí, ló gbé iṣẹ́ náà wá fún mi. Wọ́n ti lọ sí Jọ́ọ̀sì, wọ́n jókòó ti ìyá àgbà kan tó ń ta aṣọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì gba ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ gòkè wá sí Òkè Ọya títí di òní. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti pẹ́ nídìí òwò ní Jọ́ọ̀sì, nítorí náà kò sí ohun àjèjì nínú ìtàn náà fún ẹni tó bá mọ ìlú yẹn. Yorùbá ni Ìyá sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yorùbá náà ni wọ́n fẹ́ kí sọ́bútáítù rẹ̀ jẹ́.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí la tún ń kọ Yorùbá sábẹ́ Yorùbá fún. Ìdí rẹ̀ hàn kedere lọ́dọ̀ wa níbí. Àwọn tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa wà, wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé ìtàn bíi gbogbo ayé. Àwọn mìíràn ń wo fídíò lórí fóònù nínú ọkọ̀ láti Nyanya sí Wuse láàárọ̀, wọn ò sì lè ṣí ohùn rẹ̀ sókè. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Àbújá náà wà ńbẹ̀: wọ́n gbọ́ Yorùbá inú ilé, àmọ́ bí àgbàlagbà bá ti ń sáré sọ ọ́, tó tún ń fi Háúsá là á, ọ̀rọ̀ ti fò wọ́n kọjá.

Òfin tí àwọn tó gbé iṣẹ́ wá fún mi kò le púpọ̀. Ìlà méjì ni ẹyọ sọ́bútáítù kan lè ní, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà 42 ni òpin ìlà kan, a sì ń ka àlàfo àti kọ́mà mọ́ ọn. Ẹyọ kan kò gbọdọ̀ kéré sí ìṣẹ́jú-àáyá 1 lójú àwòrán, kò sì gbọdọ̀ ju 7 lọ. Èyí tó wá le jù nínú wọn ni ìwọ̀n ìkàwé: lẹ́tà 15 fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní ibi púpọ̀, 17 ni wọ́n ń lò fún àgbàlagbà. Mo fara mọ́ 15 tí wọ́n mú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gbọ́ Yorùbá bí omi ni kì í kà á lójoojúmọ́, ojú wọn kò sì yá lórí rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń kà á láràárọ̀.

Ìyá kò mọ 15, ó ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Mo wọn ibi mélòó kan, mo sì rí i pé nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn sí ọ̀rọ̀, ó ń sọ ohun tó tó lẹ́tà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn ni pé bí a bá kọ gbogbo ohun tó sọ, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ péré ni òǹwòran yóò tíì kà tí ọ̀rọ̀ yóò fi kúrò lójú àwòrán. Ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn ni iṣẹ́ mi. Mo gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò ti jáde láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ Ìyá di ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Kí n tó fọwọ́ kan gígé rárá, ọ̀ràn mìíràn yọjú. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ Ìyá sílẹ̀ láti inú ohùn ti pín in sí ìlà, ó sì kọ gbogbo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi fáìlì náà sínú ètò tó ń yẹ sọ́bútáítù wò, pupa ló bò ó. Ó ju ìdajì ìlà lọ tí ètò náà sọ pé ó ti gùn kọjá 42. Aṣáájú wọn pè mí, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò rí i pé ká kúkú yọ àwọn àmì yẹn kúrò? Ìlà á fúyẹ́.”

Mo ní kó fi èyí tó gùn jù ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀kan nínú wọn ni òwe tí Ìyá pa lápá ìparí: “Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.” Ètò náà sọ pé lẹ́tà 45 ni. Ẹ kà á fúnra yín, pẹ̀lú àlàfo, kọ́mà àti àmì ìparí: 32 ni. Níbo ni 13 tó kù ti wá? Àmì mẹ́tàlá ló wà lórí àti lábẹ́ lẹ́tà inú òwe náà. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ya àmì sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà. Ojú ènìyàn rí “ẹ́” gẹ́gẹ́ bí ohun kan, àmọ́ nínú fáìlì, mẹ́ta ni: e, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Ètò náà ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí a bá so àwọn àmì náà pọ̀ mọ́ lẹ́tà wọn, tí í ṣe ohun tí Yunikóòdù, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, ń pè ní NFC, òwe náà á di 33. Kò ní di 32 nítorí pé Yunikóòdù kò ní àyè kan ṣoṣo fún “ẹ́” tàbí “ọ̀”, ìyẹn lẹ́tà tó ní àmì lókè tó tún ní lábẹ́. Ó ní fún “é”, ó ní fún “ẹ”, ó ní fún “ṣ”, àmọ́ èyí tó gbé méjèèjì kò sí, àmì òkè rẹ̀ á máa dá dúró lọ́tọ̀ títí. Nítorí náà ọ̀nà tó dára jù ni láti ka lẹ́tà láìka àmì. Mo kọ kóòdù Python kékeré yìí ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n fi máa yẹ ìlà wò dípò iye tí ètò yẹn ń sọ:

```
import unicodedata

def ka(ila):
    ila = unicodedata.normalize("NFD", ila)
    return sum(not unicodedata.combining(c) for c in ila)
```

Nígbà tí wọ́n lò ó, èyí tó pọ̀ jù nínú pupa náà lọ. Ìlà tó gùn ní tòótọ́ kò pọ̀ mọ́, a sì wá mọ ibi tí iṣẹ́ wà gan-an. Bí ìlà Yorùbá bá ń jáde pé ó gùn jù nígbà tí ojú rẹ rí i pé kò tó ìdajì àwòrán, ibí yìí ni kí o kọ́kọ́ wò kí o tó gé ohunkóhun.

Ọ̀ràn yíyọ àmì kò gba àríyànjiyàn púpọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo sì fi ìlà kan nínú fídíò náà dá aṣáájú wọn lóhùn. Ìyá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó ní, “Bàbá ní kó lọ sí Kánò.” Ẹ yọ àmì ohùn kúrò. Òǹkàwé lè kà á sí “Bàbá ní kò lọ sí Kánò”, ó sì tún lè kà á sí “Bàbá ni kò lọ sí Kánò”. Àkọ́kọ́ pàṣẹ, èkejì sọ pé ọmọ kò lọ, ẹ̀kẹta sọ pé bàbá gan-an ni kò lọ. Lórí ìwé, ẹni tó ń kà á á padà sẹ́yìn, á fi ìlà tó tẹ̀ lé e ro ó. Lójú fídíò, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ló ní, kò sí ìpadàsẹ́yìn. Àmì ohùn kò gba àyè kankan lórí ìlà, a kò sì fi yíyọ ọ́ jèrè nǹkan kan. Ó gbà, a fi í sílẹ̀.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ gé ọ̀rọ̀ ní tòótọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ohun tí Ìyá sọ ní ìṣẹ́jú-àáyá 6.4 nìyí, láìyọ ọ̀kan: “Èmi, ṣé ẹ rí i, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Jọ́ọ̀sì níbí yìí, mi ò mọ ẹnì kankan, mi ò gbọ́ Háúsá rárá, mi ò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn.” Lẹ́tà 127 ni. Kò lè wọ ẹyọ kan, nítorí ìlà méjì kò gbà ju 84 lọ. Ẹyọ méjì ló máa jẹ́, a ó sì pín in níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti mí, lẹ́yìn “ẹnì kankan”.

“Èmi, ṣé ẹ rí i” ló kọ́kọ́ jáde. Ó ń fi í pe olùgbọ́ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ni, ojú rẹ̀ àti ọwọ́ tó nà sí ọmọkùnrin tó ń bi í léèrè sì ti ṣe iṣẹ́ yẹn nínú àwòrán. “Níbí yìí” tẹ̀ lé e, nítorí ọjà Jọ́ọ̀sì ló wà lẹ́yìn rẹ̀ gbalaja. Ìyẹn ti mú lẹ́tà 25 kúrò. Ẹyọ àkọ́kọ́ wá di 45, ó sì ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àbọ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀ mọ́.

Ẹyọ kejì ló gba ìrònú. Bí ó ṣe wà, lẹ́tà 54 ni, Ìyá sì sọ ọ́ tán ní ìṣẹ́jú-àáyá 2.8. Ọ̀rọ̀ méjì ló dà bíi pé wọ́n lè jáde: “rárá” àti “tilẹ̀”. Wọ́n gùn bákan náà, ẹni tó bá ń sáré á yọ èyí tó bá kọ́kọ́ rí. Àmọ́ iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. “Rárá” ń tẹnu mọ́ ohun tí “mi ò gbọ́” ti sọ parí. “Tilẹ̀” ní tirẹ̀ ló gbé gbólóhùn náà gun òkè: kò mọ ẹnikẹ́ni, kò gbọ́ èdè, ìkíni lásán pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá yọ ọ́, ohun mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra wọn á dọ́gba, àánú ọmọdébìnrin tó wà níbẹ̀ á sì lọ. Mo yọ “rárá”. Ó ku 49.

Lẹ́tà 49 nínú ìṣẹ́jú-àáyá 2.8 ṣì jẹ́ 17.5. Mo wá wo ohun tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà. Ìyá dákẹ́ díẹ̀, àwòrán kò sì yí padà títí di 3:19,560. Férémù 25 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan fídíò náà, òfin sì ni pé kí ọ̀rọ̀ kúrò férémù méjì kí àwòrán tó yí, torí bí ọ̀rọ̀ bá gun orí àwòrán tuntun, ojú á rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Férémù méjì jẹ́ 0.08. Mo na ẹyọ náà dé 3:19,480. Ó di ìṣẹ́jú-àáyá 3.4, àyè lẹ́tà 51 sì nìyẹn. Ó wọlé:

```
41
00:03:12,480 --> 00:03:16,000
Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Jọ́ọ̀sì,
mi ò mọ ẹnì kankan,

42
00:03:16,080 --> 00:03:19,480
mi ò gbọ́ Háúsá,
mi ò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn.
```

Ẹ ó rí i pé n kò fi ọ̀rọ̀ tèmi kankan rọ́pò ti Ìyá. Mo lè kọ “mo jẹ́ àjèjì pátápátá”, kó sì kúrú ju gbogbo èyí lọ. Bó bá jẹ́ pé èdè mìíràn la ń kọ sábẹ́, ẹni kan lè gbìyànjú irú ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí etí àti ojú bá ń gba èdè kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ tí ojú rí tí etí kò gbọ́ á dá òǹwòran dúró. Á kúrò nínú ìtàn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹni tó kọ sọ́bútáítù. Ọ̀rọ̀ tí etí gbọ́ tí ojú kò rí kì í fa irú ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà yíyọ ni mo ń yọ, bí ọ̀rọ̀ Ìyá sì ṣe tò ni mo ń fi í sílẹ̀.

Ìyá ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ràn, ìyẹn “tò” tàwọn Háúsá. Òun ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan nínú mẹ́ta. Mo yọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ibi tí ọmọkùnrin náà ti sọ pé kí wọ́n lọ wo ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, tí Ìyá sì dáhùn pé “Tò” tó dìde, mo fi í sílẹ̀ lódindi, torí níbẹ̀ òun ni ìdáhùn.

Ọ̀nà tí a gbà ń gé ìlà sí méjì náà ní wàhálà tirẹ̀, ìṣirò àmì yẹn ló sì dá apá kan rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá sọ pé: “Àbúrò ìyá mi ló mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ ní Ọ̀fà.” Kò sí ojú irin ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà Ọ̀fà ni wọ́n lọ wọkọ̀, kí wọ́n tó gba Kàdúná àti Kafanchan dé Jọ́ọ̀sì. Ètò náà gé ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn “láti”, torí lójú tirẹ̀ “Ògbómọ̀ṣọ́” ti gbé ìlà náà dé 55. Ìlà kejì wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìlú tí kò ní ibi tó fara tì. Ní tòótọ́, títí dé kọ́mà tó tẹ̀ lé Ògbómọ̀ṣọ́, 39 péré ni. Mo dá orúkọ ìlú padà sílé rẹ̀, ìlà kejì sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ tuntun ti bẹ̀rẹ̀, “ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ ní Ọ̀fà.”

Nínú Yorùbá, ohun tí mo máa ń ṣọ́ jù ni kí n má ya “mi” kúrò lára “ò”, tàbí “ń” kúrò lára ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀, kí n má sì ya ọ̀rọ̀ ìṣe méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí “mú mi” bá wà lókè tí “wá” sì wà nísàlẹ̀, òǹkàwé ti rò pé wọ́n mú ọmọ náà, kó tó rí i pé wọ́n mú un wá ni.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú fídíò náà ni ìròyìn iná. Ọjà ńlá Jọ́ọ̀sì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Tàmínọ́ọ̀sì, jóná ní 2002, ṣọ́ọ̀bù Ìyá sì wà nínú rẹ̀. Ó sọ ọ́ báyìí: “Wọ́n pè mí láàárọ̀, wọ́n ní, Ìyá, ẹ máa bọ̀ o, ẹ máa bọ̀, ọjà…” Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 2.4, ó wo ilẹ̀, ó wá ní, “ọjà ti jóná.”

Nínú fáìlì tí wọ́n fún mi, ẹni tó ṣe é ti gbìyànjú láti gé e kúrú. Ó kọ ọ́ sí ẹyọ kan: “Wọ́n ní kí n máa bọ̀, ọjà ti jóná.” Ìlà náà kúrú, ó mọ́, ìwọ̀n ìkàwé rẹ̀ kéré, ètò àyẹ̀wò kò sì rí àléébù kankan lára rẹ̀. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé òǹwòran ti mọ̀ pé ọjà jóná nígbà tí Ìyá ṣì ń wá agbára láti sọ ọ́. Ìdákẹ́ yẹn wá di òfo. Ẹni tó ń wò ó á máa dúró de ohun tó ti kà tán.

Ìdákẹ́ yẹn kan náà ló fún wa ní àyè. Láti ìgbà tí Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà títí tó fi sọ “jóná”, àkókò pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí a nílò lọ. Nítorí náà kò sí ìdí láti gé ohunkóhun. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé, “ẹ máa bọ̀” ẹ̀ẹ̀mejèèjì pẹ̀lú, nítorí ìbẹ̀rù ẹni tó pè é wà nínú àtúnsọ yẹn, ẹni tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ kò sì ní ibòmíràn tó ti máa rí i. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ 30, ìkejì 26. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 3.8:

```
57
00:03:47,200 --> 00:03:51,000
Wọ́n pè mí láàárọ̀, wọ́n ní, Ìyá,
ẹ máa bọ̀ o, ẹ máa bọ̀, ọjà…

58
00:03:52,600 --> 00:03:55,000
ọjà ti jóná.
```

Láàárín méjèèjì, ojú àwòrán ṣófo fún ìṣẹ́jú-àáyá kan àti díẹ̀. Aṣáájú wọn béèrè bóyá fáìlì ló já. Mo ní kó wo ẹnu Ìyá: kò ṣí. Kò sí ọ̀rọ̀, nítorí náà kò sí sọ́bútáítù. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì béèrè mọ́.

Ibi tí Ìyá ti ń tajà rọrùn díẹ̀. Òun àti oníbàárà ń já owó lu ara wọn, wọ́n sì ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu. Níbẹ̀ ni nọ́ńbà ti ràn wá lọ́wọ́. “Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà” jẹ́ lẹ́tà 12, “₦6,000” jẹ́ 6, ojú sì ń kà á bí etí ṣe gbọ́ ọ gan-an. Mo fi àmì dáàṣì ya ẹnu méjèèjì sọ́tọ̀, ìlà kan fún ẹnì kan: “- Ṣé ẹ máa gba ₦6,000?” ní òkè, “- ₦6,000 kẹ̀? Kò gbà.” nísàlẹ̀. Ohun tó kù tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò kọ ọ́. Ẹni tó wà lọ́jà náà kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀.

A wá dé ibi òwe. Ọmọkùnrin náà béèrè pé ṣé Ìyá kò wá ronú àtipadà sílé lẹ́yìn iná. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Èmi gan-an ti wá di ọṣẹ báyìí o, kò sí bí mo ṣe lè ṣe é mọ́.” Ó sáré pa òwe náà ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.7. Ìwọ̀n tiwa fẹ́ 2.2. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà dábàá pé kí n kọ “Mo ti di ará ibí.”, lẹ́tà 17 péré, kó tán síbẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó wo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. “Èmi gan-an ti di ọṣẹ.” Bí ọṣẹ kò bá ti wà nínú òwe, ọṣẹ wo la ń sọ níbẹ̀? Òǹwòran á rí ìyá àgbà kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ọṣẹ láìnídìí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ń gé ẹyọ kan láìka ẹyọ méjì tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dà bí ọ̀ṣọ́ níbí lè jẹ́ òpó tí ọ̀rọ̀ iwájú fara tì. Òwe fúnra rẹ̀ sì le láti gé sí wẹ́wẹ́. Bí Ìyá bá pa ìdajì tó dákẹ́, bí àgbà ṣe máa ń ṣe, ìdajì la máa kọ, pẹ̀lú àmì tó fi hàn pé ó kù síbẹ̀. Bó bá pa á tán, a kọ ọ́ tán.

Ibi tí mo ti rí àkókò ni gbólóhùn kejì. Mo yọ “wá”, “báyìí o” àti gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn kọ́mà, ó ku “Èmi gan-an ti di ọṣẹ.”, lẹ́tà 21. Mo wá jẹ́ kí òwe dúró lójú àwòrán títí tó fi pé ìṣẹ́jú-àáyá 2.2, gbólóhùn kejì sì wọlé nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn tí Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó pẹ́ díẹ̀ wọlé kì í bí òǹwòran nínú tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣáájú ẹnu ló máa ń ba nǹkan jẹ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, mo gbé e lọ fún ìyá aránṣọ kan ládùúgbò wa ní Kubwa. Etí rẹ̀ ti di láti bí ọdún mélòó kan, àmọ́ ó ń ka Bíbélì Yorùbá rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó wò ó tán láìdá a dúró lẹ́ẹ̀kan. Ohun kan ló sọ: ní ibi méjì, kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, torí ọmọkùnrin tó ń béèrè kò sí nínú àwòrán, ó sì rò pé Ìyá ló ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ẹni tó gbọ́ ohùn kò lè rí àṣìṣe yìí láé, mo sì dúpẹ́ pé mo lọ bá a. A kọ “Olùbéèrè:” síwájú ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà ní ibi méjèèjì. Ó ná wa ní lẹ́tà mẹ́wàá pẹ̀lú àlàfo, mo sì rí i gbà láti inú ìkíni gígùn tó fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀.

Oríkì ló gbẹ̀yìn. Kí wọ́n tó dágbére, Ìyá ki ọmọkùnrin náà ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà 152 ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, ìyẹn 19. Mo wò ó, n kò rí ọ̀rọ̀ tó lè jáde níbẹ̀. Ẹnìkan dábàá pé ká kọ “[Ó ń kì í]” kí a sì fi ohùn sílẹ̀ fún etí, àmọ́ ìyá aránṣọ yẹn kò ní rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni inú Ìyá ti dùn jù nínú fídíò náà. Mo pín in sí ẹyọ mẹ́ta níbi tí Ìyá ti mí, mo sì na ẹyọ ìkẹyìn sórí ẹ̀rín ọmọkùnrin náà, torí àwòrán dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 9.2, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 16.5. Ó ṣì ju 15 lọ. Mo kọ̀wé sí àwọn tó gbé iṣẹ́ wá pé kí wọ́n fọwọ́ sí i níbẹ̀ nìkan, mo sì ṣàlàyé ìdí. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé tó bá fáìlì lọ, kí ẹni tó bá máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wa má baà gé e.